Ajá kékeré tó lókun, ajá ńlá tí kò lókun: bí a ṣe ń ka àwòrán ajá méjì

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àǹtí mi tó ń gbé ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta pè mí lórí fóònù, inú rẹ̀ ò sì dùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, ló fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí Wáàsápù ìdílé wa. Ajá méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan kéré, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ le bí apá alábàárù Ìdúmọ̀tà. Èkejì tóbi, ó jókòó gẹlẹtẹ, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ọmọ tí wọ́n gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kọ "Èmi ní 2009" sórí ajá kékeré, wọ́n kọ "Èmi lónìí" sórí ajá ńlá. Àwọn ọmọdé ìdílé ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ojú tó ń sunkún ẹ̀rín ránṣẹ́. Àǹtí mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ara rẹ̀ lọmọ yìí ń pè lájá, àbí àwa? Kí ló dé tí gbogbo yín ń rẹ́rìn-ín?"

Ìbéèrè rẹ̀ bọ́gbọ́n mu, mi ò sì rò pé ó yẹ ká fi ọjọ́ orí dá a lẹ́bi. Lédè tiwa, ká pe èèyàn lájá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Ọ̀ṣọ́dì nítorí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan. Bí ẹnì kan bá wá kọ "Èmi" sórí ajá fúnra rẹ̀, tó sì fi han àwọn àgbà ilé, ẹni tí kò bá mọ ibi tí àwòrán náà ti wá kò ní mọ̀ bóyá orí ọmọ náà ti dàrú. Nítorí náà, mo sọ fún un pé, "Ẹ fara balẹ̀, Àǹtí, màá ṣàlàyé." Ohun tí mo ṣàlàyé fún un ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí mo ti rí i pé òun nìkan kọ́ ló ń ṣi àwòrán náà kà.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ dáadáa. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, òun ló máa ń pàlọ́ fún wa, ọ̀kan nínú àwọn àlọ́ tó fẹ́ràn jù sì ni ti Ajá àti Ìjàpá tí wọ́n lọ jí iṣu wà lóko olóko. Ajá wa ìwọ̀n tó lè gbé, Ìjàpá wa ìwàkuwà, ẹrù wọ̀ ọ́ lọ́rùn, olóko sì ká a mọ́. Kò sẹ́nì kan nínú wa tó bú sẹ́kún pé àǹtí pe òun ní ìjàpá. A mọ̀ pé èèyàn ni àlọ́ náà ń sọ, pé ẹranko kàn yá àwọn èèyàn ní ara rẹ̀ ni, kí a lè rẹ́rìn-ín ìwà wa láìjẹ́ pé ojú ti ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ kan náà ni ajá méjì yìí ń ṣe. Ọ̀kan ń ya ara rẹ̀ fún ẹni tí a jẹ́ tẹ́lẹ̀, èkejì ń ya ara rẹ̀ fún ẹni tí a jẹ́ báyìí.

Ajá gidi ni àwọn méjèèjì o, kì í ṣe àwòrán tí ẹnì kan yà láti inú orí. Irú ajá kan náà ni wọ́n, ajá ilẹ̀ Japáànì tí wọ́n ń pè ní Ṣíbà Ínù, ajá kékeré tí wíwúwo rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín kílò 8 sí 10. Bí ẹ bá gbé àpò gàrí kékeré kan rí, ẹ ti mọ bó ṣe rí lápá. Orúkọ àkọ́kọ́ ni Kabosu, abo ajá tó ń gbé lọ́dọ̀ olùkọ́ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní ìlú Sakura, ní Japáànì. Ní 2010 ni ọ̀gá rẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti jókòó lórí àga, tó ń wo ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó gbọ́ òfófó. Fọ́tò yẹn ni ayé mọ̀ sí Dóòjì. Nígbà tó di 2013, àwòrán rẹ̀ ti tàn débi pé wọ́n fi ṣe àmì owó orí ẹ̀rọ Dogecoin. Kabosu kú ní oṣù Karùn-ún 2024, lẹ́ni ọdún 18.

Ajá kejì ń jẹ́ Balltze, akọ ni, Hong Kong ló gbé. Fọ́tò rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ni èyí tó ti jókòó sílẹ̀, tó ń wo ọ̀kánkán, tí ojú rẹ̀ dà bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì lórí ohun tí kò ṣe. Àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Ṣíìmsì, wọ́n sì kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ kan tí màá padà sórí rẹ̀ láìpẹ́. Òun kú ní oṣù Kẹjọ 2023. Inú mi máa ń bàjẹ́ díẹ̀ tí mo bá rántí pé àwọn méjèèjì ti kú, nítorí ajá tó ti pa mílíọ̀nù èèyàn lẹ́rìn-ín ni wọ́n, wọn ò sì mọ̀.

Ní nǹkan bí 2020 ni ẹnì kan wá kó àwọn méjèèjì pọ̀ sójú kan. Ó gbé orí Dóòjì lé ara ọkùnrin tó ń gbé irin ní jíìmù, ó fi í sápá òsì. Ó gbé Ṣíìmsì bó ṣe jókòó sápá ọ̀tún, ó fi ẹ̀yìn wọn sílẹ̀ ní funfun báláú. Ó tán. Bí ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ tẹ "Swole Doge vs. Cheems" sínú ibi ìwákiri fóònù yín, yóò jáde.

Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ ti kọ́kọ́ ń wọlé nìyí, ó sì yẹ kí n tú u sílẹ̀ dáadáa. Nínú àwòrán tó wọ́pọ̀ jù, èyí tó lókun ló tóbi, èyí tí kò lókun ló kéré. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ti yí i padà: ajá kékeré ló ní iṣan, ajá ńlá ló ń ráhùn. Nígbà tí àǹtí mi ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ní rárá, ẹ ti ṣì í rí, ńlá ló máa ń lágbára. Kò ṣì í rí. Ẹni tó bá mọ àwòrán náà dénú mọ̀ pé kì í ṣe títóbi ni òfin rẹ̀. Òfin rẹ̀ ni èwo ló ń fọ́nnu, èwo ló ń ráhùn. Èyí tó ń fọ́nnu ni àná, èyí tó ń ráhùn ni òní. Bí ẹni tó ṣe é bá yí títóbi wọn padà, ó ní ohun tó fẹ́ fi sọ.

Ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi sọ sì dára gan-an lójú mi, nítorí pé àwòrán tó wọ́pọ̀ kò lè sọ ọ́. Nínú èyí tó wọ́pọ̀, iṣan àti títóbi ń bá ara wọn rìn, ohun kan náà ni wọ́n ń wí: àná ní agbára, òní kò ní. Nígbà tó yà wọ́n sọ́tọ̀, ó di ọ̀rọ̀ méjì. Títóbi di ohun ìní, iṣan di ìfaradà. Ní 2009, kékeré ni nítorí kò ní nǹkan kan: yàrá kan ní Àgége, òun, bàbá, ìyá, àbúrò mẹ́ta, àti àtùpà kan. Lónìí ó tóbi: ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó ní ínfátà àti bátìrì tó ń gbé iná pamọ́, fóònù méjì, àga tó ń yí. Gbogbo ohun tó fi ń tóbi sí i yìí ló gba ìfaradà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wò ó bí ẹni tó ra aṣọ tó tóbi ju ara rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá ka àwòrán náà pa pọ̀ bí èmi àti àǹtí mi ṣe kà á lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ tó wà lókè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ òkè ló ń sọ ẹni tí ajá náà dúró fún. "Èmi ní 2009" àti "Èmi lónìí". Ọ̀rọ̀ "Èmi" yìí ló dáhùn ìbéèrè àǹtí mi ní kíá: kò pe ẹnikẹ́ni lájá yàtọ̀ sí ara rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní ohun tó kọ ni "Àwọn àgbà nígbà náà" àti "Àwọn àgbà báyìí", ìbínú àǹtí mi ì bá ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà lẹ wá ń bọ̀ sísàlẹ̀, níbi tí àwọn ajá ti ń sọ̀rọ̀. Ajá kékeré tó lókun ní:

"Wọ́n mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ Ajé, wọn ò dá a padà títí di Ọjọ́bọ̀. Mo fi àtùpà kẹrosíìnì ka ìwé físíìsì, iwájú irun mi jóná, mo pa á, mo sì ń bá ìwé lọ."

Ajá ńlá ní tirẹ̀ ní:

"Ínfátà ti kù sí ìdá 40 nínú 100. Oomru ń mú mi. Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá mi pé mi ò lè wá sí ìpàdé ómní."

Àǹtí mi rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbi irun tó jóná, nítorí ó rántí ọjọ́ náà. Òótọ́ ni, òun ló fi òróró pa á lórí. Ṣùgbọ́n ó bi mí pé, "Ṣé ó fẹ́ kí àtùpà padà wá ni?" Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ní lọ́kàn nìyí, ìdáhùn rẹ̀ ló sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ: rárá. Àwòrán yìí kò yin àná. Ó ń fi àná ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú òní. Ẹ tún ọ̀rọ̀ ajá tó lókun kà. Ta ni yóò jẹ́ kí irun orí òun gbiná, tí yóò sì máa ka ìwé lọ? Ìwà ìyẹn kì í ṣe akin, ìwà ọmọdé tí kò mọ̀ pé iná lè pa òun ni. Ajá ọ̀hún kàn ń fi í yangàn bí ẹni tó pa erin. Nígbà tí ajá ńlá wá ń sunkún nítorí iná tí kò tíì lọ rárá, òmùgọ̀ tiwọn wá di méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, a sì ń rẹ́rìn-ín àwọn méjèèjì nítorí pé ẹnì kan náà ni wọ́n.

Mo máa ń fi nǹkan kan dán an wò, ó sì ti ràn mí lọ́wọ́ nígbà púpọ̀. Mo máa ń bi ara mi pé: ohun tí ajá alágbára ń fọ́nnu lé lórí yìí, ṣé mo lè fẹ́ kí ọmọ mi ṣe é? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ̀fẹ̀ ni. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìwàásù ni, ajá ni wọ́n kàn fi bo ìwàásù náà mọ́lẹ̀.

Irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ pọ̀. Nínú Wáàsápù àwọn onílé àdúgbò wa ní Ṣúrùlérè, ẹnì kan fi ọ̀kan ránṣẹ́ tó ní: "Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà tiwa" lórí ajá alágbára, "À ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà", lẹ́yìn náà "Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí" lórí Ṣíìmsì, "A kì í kí ẹnikẹ́ni". Kò sẹ́nì kan tó rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ rí ìdí rẹ̀, nítorí kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó ṣe é kò sí lápá ọ̀tún; ó fi ara rẹ̀ sápá òsì, ó fi àwọn ọmọ ọlọ́mọ sápá ọ̀tún. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ohun òmùgọ̀ tí èèyàn ń fi yangàn. Ọ̀rọ̀ tó fi sẹ́nu Ṣíìmsì kì í sì í ṣe ìráhùn. Ṣíìmsì kì í jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹkún ló máa ń sun. Ohun mẹ́ta ló fi yà kúrò lọ́nà, nítorí náà ohun tó kù kò ju ìbáwí lọ, àwọn ọ̀dọ́ sì gbà á bí ìbáwí.

Mo ti ṣèlérí láti padà sórí ọ̀rọ̀ Ṣíìmsì. Ẹ ti rí "oomru" àti "ómní" lókè, ẹ lè ti rò pé ọwọ́ ọmọ náà ló yọ̀. Kò yọ̀. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń ki lẹ́tà "m" bọ àárín ọ̀rọ̀ Ṣíìmsì, kí ohùn rẹ̀ lè dà bí ohùn ọmọ tí imú rẹ̀ dí tàbí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tó ń sunkún. Orúkọ rẹ̀ gan-an, inú oúnjẹ tó fẹ́ràn ló ti wá, búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran lílọ̀ àti wàràkàṣì sí, tó sọ lọ́nà tirẹ̀. Ibi tó ń ṣòro sí ni pé Yorùbá kò ka "m" sí àlejò. Ó wà nínú "mo", ó wà nínú "mi", ó sì máa ń dúró níwájú "b" àti "p" láìsí ìṣòro: ẹ wo Bímbọ́, ẹ wo Bímpé. Bí ẹ bá sọ "ebi" di "embi", ojú á kàn gbà á kọjá, kò sẹ́ni tó máa rí i pé ẹnì kan ń sunkún. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi í síwájú "r", "l", "n" tàbí "s", níbi tí "m" kì í dé: "oomru", "imlé", "ìmrẹsì". Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ ẹnu lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ ni ẹkún sì ti ń jáde. Wọ́n á sì lò ó níwọ̀nba, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì nínú gbólóhùn. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi "m" sínú gbogbo ọ̀rọ̀, ó di àdììtú, ẹni tó ń kà á ti rẹ̀ kó tó dé ibi ẹ̀rín.

Ajá alágbára kì í sọ "m" kankan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gé, ó le, kò sí "ẹ jọ̀ọ́" níbẹ̀. Bí wọ́n bá pa ọ̀rọ̀ òkè rẹ́, tí wọ́n sì bo ojú àwọn ajá mọ́lẹ̀, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ lè fi ohùn nìkan mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Níbi tí mo ti fẹ́ kí a ṣọ́ra ni ìráhùn ajá kejì. Ìráhùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ohun tí kò tó nǹkan. Ínfátà tó kù ìdá 40, àkàrà tó tutù, ọkọ̀ rélùwéè tó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́. Bí ìyà gidi bá wọ ibẹ̀, ẹ̀rín náà yóò yí padà kọlu ẹni tí ìyà ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo wa fojú rí ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo l'Ékòó fò láti nǹkan bíi náírà 185 lọ sí 488, owó dánfó sì tẹ̀ lé e. Ní àkókò yẹn gan-an ni ẹnì kan gbé àwòrán kan jáde: ajá alágbára, "Òṣìṣẹ́ Èkó tẹ́lẹ̀", ní "Mo ń wọ ọkọ̀ mẹ́ta lójúmọ́, mi ò ráhùn". Ṣíìmsì, "Òṣìṣẹ́ Èkó báyìí", ní "Mi ò rówó ọkọ̀". Inú bí mi. Ẹni tó ti Ìkòròdú ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi tí ọkọ̀ ti lè dín owó, tó sì padà délé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn, kì í ṣe aláìlókun. Owó ló ti wọ́n. Àwòrán náà mú ẹrù tí wọ́n gbé lé èèyàn lórí, ó sọ ọ́ di ọ̀lẹ tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìráhùn kan kéré tó, kó gbìyànjú láti sọ ọ́ lójú ẹni tó ń ráhùn náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lè sọ ọ̀rọ̀ ínfátà lójú ara rẹ̀, kó sì rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó lè dúró ní ibùdókọ̀ ní Ọjọ́tà ní oṣù Kẹfà 2023, kó ka ọ̀rọ̀ yẹn sókè fún àwọn tó tò síbẹ̀.

Àǹtí mi gbọ́ gbogbo èyí láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ohun tí kì í sábà ṣe. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa. Ẹ bá èmi náà ṣe tèmi." Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣeré, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ pàtàkì mú un. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọlé sórí fóònù, àwa mẹ́ta sì ń bá a lọ títí aago mọ́kànlá fi lù.

Àǹtí mi ti ń ta iyọ̀ àti àwọn èlò ọbẹ̀ l'Ọ́jà Ọ̀yìngbò láti ìgbà tó wà lọ́mọge. Ó ní òun fẹ́ kí àwòrán òun jẹ́ ajá kékeré àti ajá ńlá bíi ti ọmọ náà, nítorí pé nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀, ẹní kan lórí ilẹ̀ ni òun ní, ṣọ́ọ̀bù ni òun ní báyìí. Fún ajá kékeré, 1984, ó ní: "Mo ru àpò iyọ̀ láti Ìddó dé Ọ̀yìngbò nínú òjò, mi ò sọ̀ ọ́, mi ò yà síbì kankan." Mo bi í pé báwo ni iyọ̀ náà ṣe rí nígbà tó délé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín: "Ó ti yọ́ dé ìdajì. Omi iyọ̀ ló ń ṣàn lọ sí mi lẹ́yìn." Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pariwo pé, "Àǹtí, ibẹ̀ yẹn ló wà! Ẹ fi í kún un!" Òótọ́ ló sọ. Ká ní iyọ̀ náà dé láìfarapa, ìwàásù nípa iṣẹ́ àṣekára ni ì bá jẹ́. Iyọ̀ tó yọ́ ló sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀.

Fún ajá ńlá, ọ̀rọ̀ tí àǹtí mi kọ́kọ́ mú wá ni: "Orúnkún ń dùn mí, mi ò lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù." Àwa méjèèjì dákẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: "Àǹtí, orúnkún yín ń dùn yín lóòótọ́. Mi ò lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín." Àǹtí mi ní ó yé òun. Ó ronú títí, mo ń gbọ́ abẹ́bẹ̀ tó ń fẹ́ ara rẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ló sọ pé bí àwọn oníbàárà bá fẹ́ sanwó láti báńkì báyìí, òun máa ń ní kí ọmọ tó ń bá òun tajà wo fóònù fún òun, nítorí pé òun ò fẹ́ dìde lọ mú gíláàsì ojú òun tó wà lórí tábìlì, ẹsẹ̀ méjì sí ibi tí òun jókòó.

Àwòrán náà jáde lórí Wáàsápù ìdílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orúkọ àǹtí mi ni wọ́n sì fi gbé e jáde. Lápá òsì, ajá kékeré tó ní iṣan: "Èmi ní 1984. Mo ru àpò iyọ̀ láti Ìddó dé Ọ̀yìngbò nínú òjò, mi ò sọ̀ ọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, ìdajì ló kù. Mo tà á." Lápá ọ̀tún, ajá ńlá tó jókòó gẹlẹtẹ: "Èmi lónìí. Gílámsì mi wà lórí tábìmlì. Ó jìnnà."